Nígbà Tí Àfikún Owó Ilé Bá Dé Gẹ́gẹ́ Bí Àwòrán: Lẹ́tà Èsì Ayálégbé Kan

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù aránṣọ náà dún lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Alámòójútó ilé, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní kiatéékà, ló fi àwòrán kan sórí Wọ́tísáàpù níbi tí àwọn ayálégbé ilé náà ti jọ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ́ ìwé kan sórí àga, wọ́n ya á, òjìji ọwọ́ ẹni tó ń yà á sì bo apá kan rẹ̀. Ohun tó ṣeé kà níbẹ̀ ni pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní tó ń bọ̀, owó fúláàtì oníyàrá méjì yóò kúrò ní ₦600,000 lọ́dún, yóò di ₦1,100,000. Kí kálukú san ti ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a sì kó jáde kí ọdún tó parí. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ni. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ayálégbé kan ti kọ “Ó ti dáa, sà” sábẹ́ àwòrán náà, ẹlòmíràn sì ti kọ èébú.

Aránṣọ náà kò kọ ohunkóhun ní alẹ́ ọjọ́ náà. A kò mú un láti ara ẹnì kan pàtó. A kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ láti inú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ilé ìyálé l'Ékòó, kí a lè tẹ̀ lé lẹ́tà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká fi ilé náà sí Agége. Ibi tí ilé wà ṣe kókó, nítorí pé Òfin Ìyálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí lọ́dún 2011, yọ Ìkòyí, Erékùṣù Fikitóríà, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ní ibi mẹ́rin wọ̀nyí kò lè gbé lẹ́tà rẹ̀ ka orí òfin yẹn.

Ẹni tó kọ “Ó ti dáa, sà” àti ẹni tó bú onílé, àwọn méjèèjì ti ṣe ara wọn léṣe. Àdéhùn ni owó ilé, ẹni méjì ló sì ń ṣe àdéhùn. Onílé kò lè dá nìkan kọ iye tuntun kí ó sì di dandan lọ́rùn ayálégbé tó wà nínú ilé. Ìwé tó bá kọ, àbá ni, títí ayálégbé yóò fi gbà á. Àmọ́ ọ̀nà tí èèyàn fi ń gba àbá pọ̀ ju ìbuwọ́lùwé lọ. Gbólóhùn kékeré lórí fóònù lè tó. Owó tí èèyàn san láì sọ ohun tó san án fún náà lè tó. Iṣẹ́ lẹ́tà èsì, nígbà náà, ni láti jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé ayálégbé rí àbá náà, pé kò tíì gbà á, àti pé òun náà ní àbá tirẹ̀ tí ó ṣeé jókòó lé lórí.

Kó tó mú bírò, ó kọ́kọ́ ka àwòrán náà dáadáa. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Ó rí ọjọ́ kan ní òkè, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni àwòrán tó dé. Ó rí “Gbogbo Ayálégbé”, kò rí orúkọ tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìwé kò sí nínú àwòrán rárá, nítorí náà kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò sí ìbuwọ́lùwé. Bóyá onílé fọwọ́ sí i, bóyá kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àwòrán kò lè sọ èyí. Ní ilé tí bàbá onílé ti kú tí àwọn ọmọ ń pín owó, àìsí orúkọ yìí lè di ìjà ńlá, torí ọmọ kan lè kọ ìwé tí àwọn yòókù kò mọ̀ sí.

Ó tọ́jú àwòrán náà bó ṣe dé. Kò gé e, kò fi àmì pupa yí nǹkan kan ká. Ó sì tún ya ojú fóònù náà, kí nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́, ọjọ́ àti aago lè hàn lápá kan pẹ̀lú ìwé náà. Lẹ́yìn èyí ló lọ tú àpò ìwé rẹ̀.

Nǹkan méjì ló ń wá níbẹ̀. Èkíní ni ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí nígbà tó wọlé. Ohunkóhun tí ìwé yẹn bá sọ nípa àfikún owó tàbí nípa iye oṣù ìkìlọ̀ ló kọ́kọ́ mú. Òfin Èkó fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí àwọn méjèèjì bá ti fẹnu kò lé lórí. Bí ó bá wà níbẹ̀ pé owó yóò máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gòkè ní ọdún méjì méjì, kò lè bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n onílé náà kò lè kọjá rẹ̀. Nínú tirẹ̀, ìwé náà dákẹ́ lórí méjèèjì. Èkejì ni rìsíìtì tó gbẹ̀yìn. Ó kà pé ₦600,000, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ìlà kan yìí ló fi hàn pé ayálégbé ọlọ́dọọdún ni, ohun púpọ̀ sì so mọ́ ọn. Níbi tí àdéhùn bá ti dákẹ́, òfin 2011 fún ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lè ní kó jáde, ó sì fún ẹni tó ń san lóṣooṣù ní oṣù kan péré. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá sí ìparí ọdún kò tó oṣù mẹ́ta. Gbólóhùn “kí ó kó jáde” inú àwòrán náà kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó tún rìn yí àdúgbò ká. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ni kì í ṣe èyí, ó sì jẹ́ ibi tí lẹ́tà ti ń lágbára jù. Ó bá àwọn oníbàárà rẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé fúláàtì oníyàrá méjì ní òpópónà kan náà sọ̀rọ̀, ó bi wọ́n ní iye tí wọ́n san kẹ́yìn, kì í ṣe iye tí wọ́n gbọ́. Wọ́n san ₦700,000, ₦720,000 àti ₦780,000. Ó tún rí fúláàtì kan tó ṣófo, tí éjẹ́ǹtì ń béèrè ₦900,000 lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín iye méjèèjì yìí. Owó tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àlejò tó fẹ́ wọlé sábà máa ń ga ju owó tí ẹni tó ti wà nínú ilé ń san. Onílé yóò sọ ti ilé tó ṣófo yẹn dájúdájú. Ó dára kí aránṣọ náà ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó jókòó.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá, ó kọ lẹ́tà rẹ̀:

“Sí Bàbá wa, onílé wa. Ẹ kú iṣẹ́, sà. A dúpẹ́ fún ìtọ́jú yín.

Ní ọjọ́ 9 oṣù yìí, mo rí àwòrán ìwé kan tí kiatéékà fi ránṣẹ́ sí wa lórí Wọ́tísáàpù, nípa àfikún owó ilé. Ìsàlẹ̀ ìwé náà kò hàn, n kò sì rí orúkọ tàbí ìbuwọ́lùwé ẹni tó kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ẹ̀dà rẹ̀ ní odindi.

Fúláàtì òkè ní apá ọ̀tún ni mo ń gbé. Ọdọọdún ni mo ń san owó, ₦600,000. Mo ti san títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún yìí, n kò sì jẹ gbèsè kankan.

Mo gba ìwé náà gẹ́gẹ́ bí àbá yín. N kò tíì fara mọ́ ₦1,100,000 náà. Mo mọ̀ pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹ kò ti fi kọ́bọ̀ kún owó wa, àti pé gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Ṣùgbọ́n mo béèrè nípa fúláàtì mẹ́ta tó jọ tiwa ní òpópónà yìí, wọ́n ń san ₦700,000, ₦720,000 àti ₦780,000. Ní oṣù Karùn-ún, mo ra ẹ̀rọ tó ń fa omi sílé ní ₦85,000 lẹ́yìn tí ẹ ní kí n rà á. Rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, a kò sì tíì ṣírò rẹ̀. Nítorí náà, mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí owó ilé di ₦720,000 fún ọdún kan láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, kí a sì yọ owó ẹ̀rọ náà kúrò nínú rẹ̀.

Ọdún kan ni mo lè san lẹ́ẹ̀kan. Òfin ìpínlẹ̀ wa kò gbà kí ayálégbé ọlọ́dọọdún san jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbà kí onílé gbà á.

Bí a kò bá tíì fẹnu kò kí ọdún tó yí, mo ti ṣetán láti san ₦600,000 tí mo ń san tẹ́lẹ̀ ní àsìkò rẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣì ń lọ. Mo fẹ́ wá kí yín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ ṣeun, sà.”

Lẹ́tà náà kò gùn, kò sì sí ìbínú nínú rẹ̀. Ìlà tó ru ẹrù jù lọ níbẹ̀ ni “Mo gba ìwé náà gẹ́gẹ́ bí àbá yín.” Ó jẹ́wọ́ pé òun rí i, kò sì sọ pé òun gbà á. Ẹni tó bá kọ “N kò ní san” ti ilẹ̀kùn mọ́ ìjíròrò; ẹni tó bá kọ “Ẹ dákun, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n wá owó náà” ti gba iye náà, àsìkò nìkan ló kù tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ dùn létí àgbà, ó sì yẹ ẹni tó ń bá bàbá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n iye owó ni kí ayálégbé máa bẹ̀bẹ̀ lé lórí, kó má ṣe jẹ́ ọjọ́ ìsanwó.

Iye tó kọ sílẹ̀ náà kì í ṣe eré. Bí onílé bá kọ “Mo gbà” sísàlẹ̀ lẹ́tà yẹn, ₦720,000 ti di àdéhùn, kò sì lè padà sọ pé òun ń dán an wò ni. Nítorí náà ni kò ṣe kọ iye tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Kò sì kọ ₦600,000 pé kí ó dúró bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, onílé sì mọ̀ ọ́n.

Ti ọdún méjì yẹn yóò ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Òfin 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé ọlọ́dọọdún tó ti wà nínú ilé, tàbí ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń san lóṣooṣù. Ìjìyà rẹ̀ ni ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà kò dá ẹni tó san án sí, nítorí pé ó ka sísan àti gbígbà sí ẹ̀ṣẹ̀ bákan náà. Ìdí nìyẹn tí aránṣọ náà fi kọ gbólóhùn yẹn bí ẹni tó ń dáàbò bo àwọn méjèèjì. Kò halẹ̀ mọ́ onílé, kò dárúkọ ọlọ́pàá.

Èdè wo ló yẹ kó fi kọ ọ́? Yorùbá tó, bí onílé bá gbọ́ ọ, kò sì sí òfin tó sọ pé lẹ́tà láàárín ayálégbé àti onílé gbọ́dọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé ilé ẹjọ́ nìkan ni yóò ní láti gba ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí adájọ́ lè lò ó.

Ẹ̀dà méjì ló tẹ̀. Ó gbé ọ̀kan fún kiatéékà, ó sì ní kó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó gbà á sí ẹ̀yìn èkejì. Kiatéékà kọ̀, ó ní òun kì í fọwọ́ sí ìwé. Aránṣọ náà kò bá a jà. Ó gba ọ́fíìsì àwọn tó ń gbé lẹ́tà lọ síbi tí wọ́n bá rán wọn, ó fi ránṣẹ́ sí ilé onílé fúnra rẹ̀, ó gba rìsíìtì wọn, ó sì tún ya lẹ́tà náà ní odindi, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà onílé tààrà. Kò fi sí àárín gbogbo ayálégbé. Ọ̀rọ̀ owó tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni, bàbá onílé náà sì lè gbà fún ẹnì kan ní ìkọ̀kọ̀ ohun tí kò ní gbà ní gbangba.

Nípa fóònù yẹn, kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011 fi ààyè gba ìwé tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà, fóònù sì wà lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 84 nínú rẹ̀ béèrè pé kí ẹni tó mú un wá fi hàn pé ẹ̀rọ tó ti jáde wá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n sì sábà máa ń fi ìwé ẹ̀rí kan tí ẹni náà fọwọ́ sí gbe é. Àwòrán tí aládùúgbò tún fi ránṣẹ́ síni, tí a kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ní in, kò lágbára tó èyí tó dé tààrà láti ọ̀dọ̀ kiatéékà.

Oṣù Kìíní ni ewu tó tóbi jù wà, lẹ́yìn tí lẹ́tà ti lọ. Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Onílé kò fèsì. Ayálégbé san ₦720,000 sí àkáǹtì rẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Rìsíìtì dé, wọ́n kọ sí i pé: “Apá kan owó ilé, ó ku ₦380,000.” Bí ó bá gba rìsíìtì yẹn tó sì dákẹ́, ó ti dà bíi pé ó gba ₦1,100,000 náà, gbèsè ló sì kù lọ́rùn rẹ̀. Kí aránṣọ náà má bàa bọ́ sínú pàkúté yìí, iye tó wà nínú rìsíìtì rẹ̀ àtijọ́, ₦600,000, ló yẹ kó fi ránṣẹ́ bí àwọn méjèèjì kò bá tíì fẹnu kò, kí ó sì kọ ọ́ sínú àlàyé tí báńkì máa ń béèrè pé “owó ilé ọdún kan, 1 oṣù Kìíní sí 31 oṣù Kejìlá, ìjíròrò ṣì ń lọ”. Bí rìsíìtì bá dé pẹ̀lú “ó ku”, kí ó kọ ìlà méjì padà lọ́jọ́ kan náà pé òun kò fara mọ́ àkọlé yẹn. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe rárá ni pé kí ó di owó mú nítorí ìbínú. Ayálégbé tó jẹ gbèsè ni onílé ń fi ayọ̀ gbé lọ sílé ẹjọ́.

Lẹ́tà yìí náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Onílé tó bá fẹ́ ilé rẹ̀ padà lè fún ayálégbé ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà lọ́nà tó tọ́, kí ìkìlọ̀ náà sì parí ní ọjọ́ tí ọdún ìyálé bá pé tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí lẹ́tà tó lè dí i lọ́wọ́. Àkókò àti ètò ni òfin fún ayálégbé. Kò sọ pé ilé di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé tó bá yọ òrùlé, tó gé iná, tó rán àwọn ọmọ ìta wá láti lé èèyàn jáde láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́, ti ṣe ohun tí òfin kan náà fi ìtanràn tó lè tó ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sí.

Bí ìjíròrò bá já sí asán, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ kí ó tó di ìjà ńlá. Ìjọba Èkó ní ibùdó ìlàjà fún aráàlú lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́, tí kì í gba owó, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé sì wà lára ohun tí wọ́n ń bójú tó. Wọn yóò kọ ìwé pe onílé. Lẹ́tà èsì náà ni ohun àkọ́kọ́ tí aránṣọ náà yóò gbé síwájú wọn. Ọ̀nà kejì ni abala 37 nínú òfin 2011, tó fún ayálégbé láyè láti bẹ ilé ẹjọ́ pé kí ó kéde pé àfikún kan kò mọ́gbọ́n dání. Ilé ẹjọ́ yóò wo iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń gbà ní àdúgbò náà, yóò gbọ́ ẹ̀rí àwọn tí tọ̀tún-tòsì bá mú wá, yóò sì wo ohun àrà ọ̀tọ̀ tó bá wà nípa ilé náà. Ó lè pa á láṣẹ pé kí iye náà yí padà sí òmíràn. Àwọn fúláàtì mẹ́ta àti ẹ̀rọ omi inú lẹ́tà yẹn, ibi yìí gan-an ni wọ́n ń lọ.

Nínú àpẹẹrẹ wa, kò dé ibẹ̀. Onílé pè é ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì lẹ́yìn tó gba lẹ́tà. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé tó ṣófo, ₦900,000, bí obìnrin náà ti rò ó tẹ́lẹ̀. Ó fi rìsíìtì àwọn aládùúgbò tí wọ́n gbà kó yà lórí fóònù hàn án. Wọ́n fẹnu kò sí ₦760,000 fún ọdún kan. Nígbà tí wọ́n yọ ₦85,000 ẹ̀rọ omi, ó ku ₦675,000 tí yóò san. Ó ní kí rìsíìtì gbé iye méjèèjì jáde, kó tún kọ orúkọ onílé, orúkọ tirẹ̀, àdírẹ́sì ilé, ọjọ́ tó san án àti àkókò tí owó náà wà fún, nítorí pé bí wọ́n bá kọ ₦675,000 nìkan, àríyànjiyàn yóò wà lọ́dún tó ń bọ̀ lórí ibi tí owó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Obìnrin náà ya rìsíìtì náà níwájú rẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé náà sì hàn.